Búlọ́ọ̀gì Tó Ń Yẹ Ohun Èlò Ilé Wò: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Kọmíṣọ̀n Lórí Rẹ̀ Láìtan Òǹkàwé Jẹ

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ẹni tó ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ràn àtimáa yẹ ohun èlò ilé wò, tó sì fẹ́ máa kọ ohun tó rí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ilé ìtajà lè máa san nǹkan fún un. Fáànù oníbátìrì la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé tí iná kì í dúró sí mọ̀ ọ́n dáadáa, ohun tí wọ́n sì kọ sára páálí rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ohun tí ojú ẹni tó rà á ń rí. Àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín wà.

Ibi tí owó náà ti ń wá

Ilé ìtajà ló ń san kọmíṣọ̀n. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní afílíéètì, wọn yóò fún yín ní líǹkì tó ní àmì ìdánimọ̀ yín nínú. Ẹni tó bá tẹ líǹkì náà yóò dé ojú ewé ọjà, ilé ìtajà yóò sì fi àmì kékeré kan tó ń jẹ́ kúkì sínú fóònù rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Bó bá rajà kí àkókò kúkì náà tó pé, kọmíṣọ̀n ti di tiyín. Ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀. Ti Amazon jẹ́ wákàtí 24.

Jumia ní irú ètò yìí ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà lè lo Amazon Associates, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé bí òun kò bá mú ó kéré tán títà mẹ́ta wá láàárín ọjọ́ 180 àkọ́kọ́, wọn yóò ti àkáǹtì náà. Ọjà tí ẹ bá fi líǹkì ara yín rà fún ara yín kò sí lára mẹ́ta yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan kó lè hàn bí owó náà ti ń rìn. Ká sọ pé fáànù kan jẹ́ ₦45,000, kọmíṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan tí wọ́n bá rà yóò mú ₦1,800 wá fún yín. Bí 300 èèyàn bá ka àyẹ̀wò yín, tí 30 tẹ líǹkì, tí ẹni méjì rà á, ₦3,600 ni yóò hàn lójú àkáǹtì yín. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá dá fáànù padà, ₦1,800 yóò yọ kúrò. Ìdí nìyí tí ilé ìtajà fi máa ń dá kọmíṣọ̀n dúró títí àkókò ìdápadà ọjà yóò fi kọjá, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ní iye kan tí owó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ẹ má fi owó tó kàn hàn lójú àkáǹtì jẹ gbèsè.

Ibi tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí

Apá yìí kò le. Blogger, tó jẹ́ ti Google, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí blogger.com, ẹ fi àkáǹtì Google yín wọlé, ẹ yan orúkọ, ẹ ó sì gba àdírẹ́sì tó parí sí blogspot.com. Tó bá yá tí owó ti ń wọlé, ẹ lè ra àdírẹ́sì tiyín, bí èyí tó parí sí .com.ng. Kò sí ìdí láti náwó lé e lórí kí ẹ tó kọ àyẹ̀wò mẹ́wàá tó yanrantí. Ṣáájú kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ nínú ètò afílíéètì, ẹ rí i dájú pé àyẹ̀wò bíi mélòó kan ti wà níbẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ilé ìtajà lè ṣí ojú ewé yín wò, kí ó sì kọ ẹni tí kò tíì ní nǹkan kan níbẹ̀.

Ní ti ọjà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara yín. Fáànù tí ẹ ti ń lò láti ọdún tó kọjá sàn fún àyẹ̀wò ju èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí lọ, torí pé ẹ ti mọ bí bátìrì rẹ̀ ti ń ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti aládùúgbò náà ṣeé yá. Bí ó bá jẹ́ pé oníṣòwò kan ló fi ọjà ta yín lọ́rẹ kí ẹ lè kọ nípa rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nínú àyẹ̀wò.

Bí ẹ ṣe máa dán fáànù wò

Ká sọ pé páálí fáànù náà sọ pé yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8. Ẹ kọ́kọ́ wo ara bátìrì rẹ̀ tàbí ìwé tó bá a wá. Bí ẹ bá rí 12V àti 4.5Ah níbẹ̀, ẹ fi 12 sọ 4.5 di púpọ̀, ẹ ó rí 54. Iye agbára tí bátìrì náà lè gbà nìyẹn, 54 Wh. Bí mọ́tò fáànù bá ń jẹ wáàtì 15 nígbà tí ẹ bá gbé e sórí ìyára tó ga jù, ẹ pín 54 sí ọ̀nà 15: wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Bátìrì olójé, irú èyí tó máa ń wúwo, kì í sì í fi gbogbo agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sílẹ̀ tí a bá tètè ń fà á jáde, nítorí náà wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ni kí ẹ máa retí. Wákàtí 8 inú páálí lè jẹ́ òótọ́ lórí ìyára tó kéré jù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò lè mú òógùn gbẹ lára ẹni.

Ìṣirò yìí kò tó láti kọ àyẹ̀wò. Ẹ ṣáájì fáànù náà títí iná orí rẹ̀ yóò fi sọ pé ó ti kún. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ gbé e sórí ìyára tó ga jù, ẹ kọ aago tí ẹ tàn án sílẹ̀. Ẹ kọ aago tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tó kú pátápátá. Aago méjèèjì ṣe pàtàkì, torí ẹni tó ń sùn nínú ooru ti jí kí fáànù náà tó kú. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí èsì àkọ́kọ́ bá jìnnà sí ìkejì, ó ṣeé ṣe kí bátìrì náà má tíì kún nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dán ìyára tó kéré jù wò.

Ẹ fọwọ́ kan ṣájà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró lé e lórí, èyí gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yín, ẹ má gbé e sí ìsàlẹ̀. Ẹ wádìí iye tí wọ́n ń ta bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé bátìrì olójé tí a bá fi sílẹ̀ láìṣáájì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú kì í sábà padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún dán an wò, kí ẹ sì fi èsì tuntun kún ojú ewé kan náà. Àfikún yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì wúlò ju ọ̀rọ̀ ìyìn èyíkéyìí lọ.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

Ẹ fi orúkọ ọjà náà àti nọ́ńbà mọ́dẹ̀lì rẹ̀ sí àkọlé, torí ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á máa ń tẹ̀ sínú Google nìyẹn. Ẹ fi ìdájọ́ yín sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Fún fáànù tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Fáànù yìí yóò tó ẹni tí iná ilé rẹ̀ kì í lọ ju wákàtí méjì lọ lálẹ́. Ẹni tó ń wá èyí tí yóò gbé e di òwúrọ̀, kó má rà á." Gbólóhùn kejì yẹn lè mú kí ẹnì kan má rà á, síbẹ̀ ẹ má yọ ọ́. Ẹni tí kò bá rà á kò ní dá a padà, yóò sì gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá sọ fún un pé òmíràn dára.

Fọ́tò tí ẹ fúnra yín yà lójú ọ̀sán ni kí ẹ lò. Fọ́tò ẹlòmíràn ní olówó, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà sì ń dáàbò bò ó. Ẹ má kọ iye ọjà bí ẹni pé kò ní yí padà. Iye a máa yí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Amazon sì ka fífi ọwọ́ kọ iye ọjà wọn sójú ewé sí rírú àdéhùn.

Líǹkì àti ìkéde

Kí líǹkì àkọ́kọ́ tó dé, òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ẹ ó gba owó. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó: "Bí ẹ bá gba líǹkì inú àyẹ̀wò yìí rajà, ilé ìtajà yóò fún mi ní kọmíṣọ̀n. Iye tí ẹ ó san kò ní torí ìyẹn lé." Ẹ gbé e sí òkè, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi ti ìyókù. Àjọ FTC ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ kí a fi ìkéde yìí pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ní Nàìjíríà, òfin FCCPA ti ọdún 2018 ka ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà léèwọ̀.

Google náà fẹ́ mọ líǹkì tí owó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Blogger, ẹ yí ibi ìkọ̀wé sí HTML view, kí ẹ sì kọ líǹkì náà báyìí, pẹ̀lú líǹkì tí ilé ìtajà fún yín ní àárín àmì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́:

```
<a href="https://..." rel="sponsored">Wo iye rẹ̀ lónìí</a>
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn ṣí ojú ewé ọjà, kó ṣe ẹ̀dà àdírẹ́sì tó wà lókè, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyẹ̀wò. Àdírẹ́sì yẹn kò ní àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Òǹkàwé yóò rajà, kọmíṣọ̀n kò ní wọlé. Inú àkáǹtì afílíéètì yín ni kí ẹ ti mú líǹkì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá títẹ̀ náà hàn nínú àkáǹtì. Lóṣooṣù, ẹ tún wo líǹkì àtijọ́, torí ọjà tó ti tán kò lè mú nǹkan wá.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn wọ̀nyí

Ètò afílíéètì tòótọ́ ti ilé ìtajà kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Orí ọjà tí èèyàn rà ni wọ́n ti ń san kọmíṣọ̀n. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó wọlé, tó sì ṣèlérí owó lórí gbogbo ẹni tí ẹ bá mú wá, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń pín. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àti orúkọ yín ni ilé ìtajà nílò láti sanwó fún yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà àṣírí káàdì tàbí kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù yín. Bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun àjọ FCCPC.