Fọ́tò Ìbejì Àtijọ́ àti Ìkíni Tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Nínú ìtàn kékeré kan, ìyá àgbà kan ní Ìlá Ọ̀ràngún yọ fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun kan láti inú àpótí rẹ̀. Ó fi fóònù yà á, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí àwọn tó ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ. Ọmọbìnrin kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn, irun tí wọ́n dì kò yàtọ̀, àwọn méjèèjì sì gbé ọwọ́ lé itan. Màmá kò kọ nǹkan kan mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba fọ́tò wọlé fi dá wọn lóhùn: "Ẹ ǹlẹ́ mà, ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú. Fọ́tò yín ti dé ọwọ́ wa láyọ̀. Bí ẹ bá mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí a kọ sí i, etí wa wà lọ́dọ̀ yín."

Ìkíni náà tutù, ó sì wà fún gbogbo ènìyàn. Kò kí màmá kú ewu ìbejì, kò pe ọ̀kan ní Táíwò kó pe èkejì ní Kẹ́hìndé, kò sì béèrè ibi tí àwọn méjèèjì wà báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fara balẹ̀ wo fọ́tò ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí àwọn fọ́tògíráfà ilẹ̀ Yorùbá ṣe máa ń ya ìbejì yóò mọ̀ pé ohun tó yẹ kó sọ gan-an nìyẹn. Ojú méjì ló wà nínú fọ́tò náà lóòótọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú kámẹ́rà.

Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ère ìbejì. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn pa á, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, a sì máa fún un lóúnjẹ bó ṣe ń fún ọmọ tó kù. Nígbà tí fọ́tò wá di ohun tó wọ́pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ère ní àwọn ilé kan. Stephen Sprague, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn fọ́tògíráfà Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa àṣà yìí ní ọdún 1978.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Bí ìbejì náà bá jẹ́ obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì, fọ́tògíráfà yóò ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, yóò fi páálí bo ìdajì bébà, yóò sì tan iná gba inú négétíìfù kí àwòrán ọmọ náà lè bọ́ sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò sún bébà, tí yóò bo apá tó ti ní àwòrán, tí yóò sì tẹ ọmọ kan náà sí apá tó ṣófo. Bí bébà bá jáde nínú omi kẹ́míkà, ọmọ méjì ló máa wà lórí rẹ̀. Bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ya ọmọ tó kù, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì wọ aṣọ obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí àmì rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo àárín fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ìlà tín-ín-rín kan wà níbi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé, tàbí bóyá aṣọ ìkélé tó wà lẹ́yìn wọn já lójijì níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo aṣọ ọrùn wọn. Ọmọ méjì lè wọ aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n aṣọ méjì kì í ká léraléra lọ́nà kan náà. Bí ìkákò tó wà ní orúnkún ọmọ àkọ́kọ́ bá wà ní orúnkún èkejì gẹ́lẹ́, tí ìka ọwọ́ wọn là síra bákan náà, tí òwú tó já létí aṣọ ọ̀kan já létí aṣọ èkejì pẹ̀lú, négétíìfù kan ṣoṣo ló bí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí apá ọ̀kan bá gba iwájú èkejì kọjá, tàbí tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọmọ méjì ló jókòó.

Síbẹ̀, àmì wọ̀nyí ní ibi tí wọ́n mọ. Fọ́tògíráfà tó mọṣẹ́ lè fi ìlà àárín pa mọ́. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló ya ọmọ náà, ìkákò aṣọ kò ní bára mu, ẹni tó ń wò ó yóò sì rò pé ọmọ méjì ni. Kódà níbi tí ó bá ti hàn gbangba pé ọmọ kan ni, fọ́tò kò lè sọ bóyá Táíwò ló kù tàbí Kẹ́hìndé. Ẹnu ará ilé nìkan ni a ti lè gbọ́ ìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó gba irú fọ́tò yìí fi ojú lásán dárúkọ ẹnikẹ́ni. Yorùbá kì í kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdáwọ̀ọ́ ìdùnnú, fọ́tò yìí sì lè jẹ́ ti ọ̀fọ̀.

Ọ̀nà tí màmá gbà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ tún pa àwọn àmì kan rẹ́. Iná fóònù tan sára fọ́tò dídán, ó sì fọ́n funfun sí àárín gan-an níbi tí ìlà lè wà. Ohun tó dára ni kí a tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ nítòsí fèrèsé tí oòrùn kò ràn wọlé tààrà, kí a pa iná fóònù, kí a sì gbé fóònù sókè gbọọrọ láìdagun. Ẹ̀yìn fọ́tò náà ṣe pàtàkì láti yà, torí òǹtẹ̀ ilé fọ́tò tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ lè wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Wásáàpù ni a fẹ́ fi rán an, kí a rán an bí ìwé dípò fọ́tò, nítorí Wásáàpù a máa dín fọ́tò kù, òwú àti ìkákò á sì di kúrúkúrú. Déètì ọjọ́ tí wọ́n fi fóònù yà á ni fóònù máa ń kọ sí i, nítorí náà ọdún tí wọ́n ya fọ́tò gan-an gbọ́dọ̀ wà nínú àlàyé tí a kọ mọ́ ọn.

Ìkíni tútù yẹn ló mú kí màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn nìkan ni wọ́n yà, pé Kẹ́hìndé ni wọ́n, pé Táíwò ti lọ kí fọ́tògíráfà tó dé, àti pé ìyá wọn ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá kọ nǹkan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sábẹ́ fọ́tò: ẹni tó jókòó, ìyẹn Kẹ́hìndé, àti àwọn tí fọ́tò náà dúró fún, ìyẹn Táíwò àti Kẹ́hìndé. Bí a bá kọ ti àkọ́kọ́ nìkan, a ti yọ Táíwò kúrò nínú fọ́tò tí ìyá rẹ̀ ṣe nítorí rẹ̀. Bí a bá sì kọ ti èkejì nìkan, ẹni tó bá ń ka ìtàn ìdílé náà lẹ́yìn ọ̀la yóò gbà pé àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n yà á.