Lẹ́tà Ọjọ́ Àkówọlé: Kọ́kọ́rọ́, Ohun Inú Ilé, Pàǹtí àti Òfin Ilé

 

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ṣọ̀n ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ tòní. Nígbà tí mo kúrò nínú ilé àkọ́kọ́ tí mo yá lẹ́yìn yunifásítì, 100,000 náírà ni owó kọ́ṣọ̀n mi tó wà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Kọ́bọ̀ kan ò padà. Ájẹ́ńtì ní mo ti la sínkì kíṣìnì, pé omi tó ń jò níbẹ̀ ti ba igi abẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe bá sínkì yẹn nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kó dé. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé, kò sí fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló wà ńlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fò sí i nígbà tí àǹtí mi pè mí. Wọ́n ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sùúrùlérè, ayálégbé tuntun sì ń kó bọ̀ ní Sátidé sí yàrá kan àti pálọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ òfin ilé sórí ìwé. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà káàbọ̀ sí i, ká fi òfin sínú rẹ̀." Wọ́n ní, "Lẹ́tà káàbọ̀? Ṣé ọkọ mi ló ń kó bọ̀ ni?" Mo bá sọ ìtàn sínkì fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, kọ ọ́."

Ẹ lè ní, ṣebí ìwé àdéhùn wà? Ó wà o. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ máa ń sọ iye owó ilé, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kò ní sọ iye kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kó lé yín lọ́wọ́, kò ní sọ pé gíláàsì ojú fèrèsé kan ti sán, kò sì ní sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ pàǹtí ń wá. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ló sì ń dá ìjà sílẹ̀. Nǹkan mẹ́rin la kọ sínú lẹ́tà yìí. Bóyá ilé yín lẹ fẹ́ fi yáni ni o, bóyá ẹ̀yin lẹ ń kó wọlé, ohun kan náà ni.

Kọ́kọ́rọ́

Báyìí la ṣe kọ ọ́: "Kọ́kọ́rọ́ géètì, 1. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà, 2. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀, 2. Kọ́kọ́rọ́ yàrá, 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6. A ti dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níṣojú yín."

Ẹ má fojú kéré "a ti dán an wò" yẹn. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé ní títì máa ń wọlé nígbà mìíràn, kó má yí. Ẹ fi sínú ilẹ̀kùn, ẹ yí i nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kí ẹ tún yí i nígbà tí ẹ ti ìlẹ̀kùn pa.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ayálégbé kì í bi ni pé, ta ló tún ní irú kọ́kọ́rọ́ yìí? Ẹni tó kó jáde lè ti gé méjì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ájẹ́ńtì tó ń mú èèyàn wá wo ilé lè ṣì ní ọ̀kan lápò. Àǹtí mi pàrọ̀ inú àgádágodo ilẹ̀kùn irin náà kí ayálégbé tó dé, a sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé tuntun ni. Bí onílé yín ò bá pàrọ̀ rẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ pàrọ̀ rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ tọ́jú ti àtijọ́ láti dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ onílé ńkọ́? Àǹtí mi ní kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn, torí bí páìpù bá bẹ́ nígbà tí ayálégbé wà níbi iṣẹ́. Kò burú, àmọ́ a kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: "Iná tàbí omi nìkan ni a ó fi ṣílẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹ wà ńlé, a ó sì kọ́kọ́ pè yín." Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti dá wà láìsí ìyọlẹ́nu. Bí onílé bá fẹ́ wo ilé, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún un, kó sì wá ní ojú ọ̀sán, ní àkókò tó bójú mu. Sùúrùlérè wà lábẹ́ òfin yìí. Àwọn ibi tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island.

Ohun inú ilé

Ibí ni owó kọ́ṣọ̀n wà. Ìwé wa ní òpó mẹ́ta: nǹkan náà, iye rẹ̀, àti bó ṣe rí lónìí. Yàrá kan la máa ń parí ká tó bọ́ sí òmíràn, ká má baà gbàgbé.

Bó ṣe rí yẹn ló ṣòro jù. "Ó dáa" kì í ṣe àpèjúwe. "Fáànù àjà, 1, ó ń yí, kò lọ sí nọ́ńbà karùn-ún," àpèjúwe nìyẹn. "Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá, 2, ọ̀kan ti ya ní igun ìsàlẹ̀." Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lò ó. Ẹ tan gbogbo iná. Ẹ ki ṣájà fóònù bọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí omi ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ sínkì pẹ̀lú iná fóònù. Ẹ fọ́ọ̀ṣì ilé ìgbẹ́, ẹ dúró kó kún, kí ẹ wò ó bóyá omi ṣì ń sàn wọ inú àwo. Ẹ gbójú sókè sí àjà: bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ tíì tó rí róbótó, omi ti jò níbẹ̀ rí, òjò sì tún ń bọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà iná sílẹ̀, àti iye yúníìtì tó kù lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fídíò. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ya á, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé láìdá a dúró, kí ẹ sún mọ́ ibi tó bá bàjẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí Wásáàpù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ àti àkókò wà lórí rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ibi tó bàjẹ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán, Wásáàpù máa ń dín in kù, ibi tó sán lè má hàn mọ́.

A fi ọjọ́ méje kún un. Èèyàn ò lè rí gbogbo nǹkan láàárín ẹrù àti òógùn ọjọ́ àkówọlé. Ohun tí ayálégbé bá rí láàárín ọjọ́ méje, yóò kọ ọ́ kún ìwé náà, àwọn méjèèjì yóò sì tún buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ ìlọ. Ká ní owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ 100,000 náírà, ayálégbé wa sì kó jáde lẹ́yìn ọdún méjì. A rí i pé kọ́kọ́rọ́ géètì ti sọnù, gíláàsì fèrèsé méjì ti fọ́, sínkì ti sán, ọ̀dà pálọ̀ sì ti ṣá. Ká ní gígé kọ́kọ́rọ́ jẹ́ 3,000, gíláàsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2,500. Sínkì wà nínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà, kò jẹ ẹ́. Ọ̀dà tó ṣá lọ́dún méjì, gbígbé ilé ló fà á, òfin náà sì yọ irú gbígbó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kúrò lọ́rùn ayálégbé. 3,000 pẹ̀lú 5,000 jẹ́ 8,000. 92,000 ni yóò gbà padà. Láìsí ìwé, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò dájọ́.

Òfin yẹn kan náà ní kí onílé já rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó kọ́ṣọ̀n, kó má dà á pọ̀ mọ́ ti owó ilé. Ẹ béèrè rẹ̀.

Pàǹtí

Ìdílé mẹ́rin ló ń gbé ilé àǹtí mi, dọ́síbíìnì onítáyà kan sì ni wọ́n ń lò, èyí tó ń gba 240 lítà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ọkọ̀ PSP tí LAWMA yàn fún àdúgbò wá. Ẹ ṣírò rẹ̀: 60 lítà ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kó páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun àti ti fíríìjì sínú rẹ̀ lódindi, ó ti kún. Ọjọ́ àkówọlé gan-an ni páálí máa ń pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ní: "Ẹ tẹ páálí mọ́lẹ̀, ẹ dì í, ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́síbíìnì. Ẹ di ẹnu ọ̀rá pàǹtí kí ẹ tó jù ú sínú. Ẹ má da eérú gbígbóná sí i, ike ni. Ẹ pa ìdérí dé."

A kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń wá, ẹni tó ń ti dọ́síbíìnì sí ẹnu géètì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti bí wọ́n ṣe ń pín owó bíìlì. A tún kọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ọkọ̀ ò bá wá: kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì, kí wọ́n má dà á sí gọ́tà, kí wọ́n má sì gbé e fún ọlọ́mọlanke, torí a ò mọ ibi tí yóò lọ dà á sí. Gọ́tà tó bá dí, yàrá ìsàlẹ̀ ni omi rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ̀.

Òfin ilé

Òfin mẹ́tàlá ni àǹtí mi kọ́kọ́ kà fún mi. Márùn-ún ló kù nígbà tí a parí, torí mo ń bi wọ́n pé, "Kí nìdí?" Èyí tí wọn ò rídìí rẹ̀, a yọ ọ́. "Kò gbọdọ̀ gba àlejò" di "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bí àlejò bá máa sùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, torí ààbò géètì." "Ẹ má pariwo" di "Kí jẹnẹrétọ̀ kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ó má sì wà nínú ilé tàbí lábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni," torí èéfín rẹ̀ máa ń pa èèyàn lójú oorun. Mẹ́ta tó kù ni títi géètì ní aago mọ́kànlá, owó omi tí gbogbo ilé jọ ń dá, àti pé kò gbọdọ̀ fi ilé yá ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onílé fi ìwé gbà.

Ní Sátidé, èmi àti àǹtí mi dúró, ayálégbé ń ka lẹ́tà, ó ń yẹ ilé wò. Ó fọ́ọ̀ṣì, ó dúró, ó ní, "Mà, omi yìí ò dúró o." Àǹtí mi wò mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pe púlọ́ńbà kí àwọn méjèèjì tó buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà méjì ni, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń kó ilé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.