Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ṣe níwájú òyìnbó ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, òyìnbó kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí ahoro rẹ̀ ṣì wà nínú igbó ní ìhà Òkè-Ògùn wa yìí. Aláàfin ní kí àwọn eléégún apidán ṣeré fún un. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti jó nínú àpò, tí wọ́n sì ti di erè, ẹnì kan yọ: ó funfun, ó rù hangogo, òtútù ń mú un. Ó ń fín áásáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ. Àwọn èrò ń pe àlejò náà pé kó wò ó dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ṣe bí ẹni pé inú òun dùn bíi tiwọn.

"Ṣe bí ẹni pé" yìí ló gbà wá lọ́kàn. Àwọn tó ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ sábà máa ń wí pé, "Ṣebí òun náà rẹ́rìn-ín?" Àlejò tó jókòó sáàfin, tó ń dúró de kí ọba yọ̀ǹda ọ̀nà fún un, kí ni kò bá tún ṣe?

Síbẹ̀, a kò ka eré yẹn sí ìkà. Ọkùnrin náà ní ìjọba lẹ́yìn, ó sì rí ìwé kọ tirẹ̀ sí. Òótọ́ ni pé wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn kò fi nǹkan kan dù ú nílùú náà. Bí a bá sì yọ ọ́ kúrò, ìrìn àti áásáà ṣì tó ẹ̀rín rín.

Àwọn apidán kan náà máa ń ṣe abuké àti adẹ́tẹ̀. Adẹ́tẹ̀ tí ìlú ti lé jìnnà kò sí níbẹ̀ láti fèsì. Yọ ìka tó gé kúrò, kò ku ẹ̀fẹ̀ kankan.

Ojúgun tẹ́ẹ́rẹ́ Abdullahi ọmọ Masúúdù ni àwọn sàhábà rí nígbà tó ń já pákò lórí igi, tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá wọn lóhùn pé ẹsẹ̀ yẹn yóò wúwo ju òkè Úhúdù lọ lórí ìwọ̀n. Darandaran ni Abdullahi nígbà èwe rẹ̀ ní Mẹ́kà.

Èyí kan àwa tí à ń sín Yorùbá ẹnu Fúlàní jẹ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Ọlọ́jà tó ń fi ohùn náà dá oníbàárà rẹ̀ tó ní ọgọ́rùn-ún màlúù lápàárá, tí ìyẹn náà ń dá a padà, eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọdé darandaran kan bá wá ra búrẹ́dì, tí ogún ènìyàn ń sín in jẹ lákòókò tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti mú kí wọ́n máa fura sí gbogbo irú rẹ̀, ọmọ yẹn kò rí ẹnu fèsì. Ó lè rẹ́rìn-ín o, kó tó gba búrẹ́dì rẹ̀ kó sì yára lọ.