Kílọ́ọ̀ṣì Ẹ́sì Ọkọ̀ Tí Kò Dì: Ibo Ni Iná Ti Dúró?

Bí ẹ́sì ọkọ̀ bá déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ ti kú, tàbí pé gáàsì ti tán. Láti ibẹ̀ ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú owó yẹn: ṣé iná ń dé ibi kílọ́ọ̀ṣì kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, àbí kò dé ibẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹni tó bá tú ohunkóhun kó tó mọ ìdáhùn yìí, àfojúdíwọ̀n ló ń ṣe, owó yín ló sì fi ń ṣe é.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo iwájú kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí bẹ́líìtì. Ẹ ó rí púlì tí bẹ́líìtì ń yí. Púlì yẹn kì í sinmi, ẹ tan ẹ́sì o, ẹ ò tàn án o. Níwájú rẹ̀ ni àwo irin pẹlẹbẹ kan wà, èyí tó so mọ́ ọ̀pá tó ń yí inú kọ̀m̀púrẹ́sọ̀. Nígbà tí ẹ́sì wà ní pípa, àwo yìí dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn púlì ni kọ́ìlì wà, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé róbótó. Bí iná fóòtì 12 bá wọ kọ́ìlì náà, ó di òòfà, á fa àwo mọ́ púlì, ẹ ó gbọ́ ìró "kọ̀" kan, àwọn méjèèjì á sì máa yí pọ̀. Ìgbà yẹn ni kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti gáàsì. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ẹ́sì, tí fáànù inú ọkọ̀ ń fẹ́, tí àwo yẹn kò sì kúrò lójú kan, kílọ́ọ̀ṣì kò dì nìyẹn.

Ọ̀nà tí iná ń gbà débẹ̀ kò díjú. Ó kúrò ní bátìrì, ó gba fíùsì kọjá, ó gba rìléè kọjá, ó wá wọ kọ́ìlì. Ṣùgbọ́n rìléè kì í ṣílẹ̀kùn fún un láìgba àṣẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tàbí àpótí ẹ́sì ló ń pàṣẹ, ó sì ní ohun tó ń yẹ̀ wò kó tó pa á: ṣé bọ́tìnì wà ní títẹ̀, ṣé fáànù ń fẹ́, ṣé ẹ́ńjìnnì kò gbóná jù, ṣé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kò ti fẹ́ di yìnyín, àti pàtàkì jù lọ, ṣé ìfúnpá gáàsì kò kéré jù tàbí pọ̀ jù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní rárá, kílọ́ọ̀ṣì kò ní dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le koko.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọkọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Toyota àtijọ́ ni, irú èyí tí súìṣì ìfúnpá rẹ̀ ní wáyà méjì péré, wọ́n sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù riwáyà kan n'Íbàdàn. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ti ní kí obìnrin tó ni ín lọ wá kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀. Riwáyà yìí kò tú nǹkan kan. Ó tan ọkọ̀, ó tẹ ẹ́sì, ó yọ ẹnu wáyà kan ṣoṣo tó wọ kọ́ìlì, ó sì fi iná tẹ́sítà kàn án. Kò tàn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó wá fa wáyà tó ní fíùsì áḿpù 10 láti bátìrì lọ sí ẹnu kọ́ìlì. Kílọ́ọ̀ṣì dún "kọ̀", àwo sì lẹ̀ mọ́ púlì.

Ohun tí ìró yẹn sọ pọ̀. Kọ́ìlì ń ṣiṣẹ́, ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára, àlàfo àárín àwo àti púlì kò tíì fẹ̀ jù. Ìṣòro wà lẹ́yìn, níbi tí iná ti ń bọ̀. Kò tíì sí ìdí kankan láti ra kọ̀m̀púrẹ́sọ̀.

Ó kàn sí fíùsì. Lórí fíùsì ọkọ̀, ojú irin kéékèèké méjì wà lókè tí tẹ́sítà lè kàn láìyọ ọ́. Kí iná tàn lójú méjèèjì. Bó bá tàn lójú kan ṣoṣo, fíùsì ti jó. Tọkọ̀ yìí dára. Ká ní ó jó ni, nọ́ḿbà kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí tuntun náà bá tún jó, ó ní ìdí. Kọ́ìlì tó péye sábà máa ń ní óòmù 3 sí 5 lórí mítà. Bó bá jẹ́ 4, fóòtì 12 á fa áḿpù 3, fíùsì 10 kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí wáyà inú kọ́ìlì bá ti jó mọ́ra wọn tí óòmù já sí 1, áḿpù 12 ló fẹ́ kọjá. Wáyà tó ti họra lára irin ọkọ̀ náà lè fà á. Àwọn tó ń wé wáyà mọ́ fíùsì tó jó, tàbí tó ń ki 30 bọ ibi tí wọ́n kọ 10 sí, iná ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dá. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Rìléè ló tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rìléè ẹ́sì àti ti fèrè jọra délẹ̀, nọ́ḿbà ara wọn kan náà. Riwáyà yìí fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì. Fèrè dún dáadáa pẹ̀lú rìléè ẹ́sì, ẹ́sì kò sì dáhùn pẹ̀lú ti fèrè. Rìléè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ó wo àwòrán tó wà lára rìléè kó lè mọ ihò tí iná bátìrì ti ń wọlé, 30, àti èyí tó lọ sí kílọ́ọ̀ṣì, 87. Ó fi wáyà kékeré so méjèèjì pọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. "Kọ̀!" Wáyà láti ibẹ̀ dé kílọ́ọ̀ṣì pé. Àṣẹ nìkan ló kù tí kò dé. (Ẹni tí kò bá dá ihò wọ̀nyí mọ̀ dájú, kó má dán an wò, torí pé ihò méjì yòókù lè lọ tààrà sí kọ̀ǹpútà.)

Súìṣì ìfúnpá ló kàn, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹ́sì ti ń kú. Ara páìpù gáàsì tàbí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńdẹ́ńsà níwájú ọkọ̀ ló sábà máa ń wà. Irú èyí tó wà lára Toyota máa ń gé iná bí ìfúnpá bá wálẹ̀ ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 28 lọ, ó sì tún máa ń gé e bó bá gòkè dé nǹkan bíi pọ́n-ùn 455. Riwáyà fi mítà sí ẹsẹ̀ súìṣì méjèèjì: wọn kò so pọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti ní súìṣì ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan, torí òótọ́ lè jẹ́ ohun tí súìṣì ń sọ. Ó so géèjì mọ́ páìpù. Pọ́n-ùn 20.

Níbi tí ojú ọjọ́ bá wà ní 30 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì, tí ọkọ̀ sì ti sinmi dáadáa, gáàsì R134a yẹ kó wà ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 97. Ogún túmọ̀ sí pé gáàsì ti jò lọ. Súìṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun kan wà níbí tí àwọn tó ń rọ gáàsì pàápàá máa ń gbàgbé: géèjì ọkọ̀ tó dúró kì í sọ iye gáàsì tó kù. Níwọ̀n ìgbà tí díẹ̀ nínú gáàsì bá ṣì wà bí omi nínú páìpù, ooru ọjọ́ ló ń pinnu nọ́ḿbà yẹn. Nítorí náà 97 kò fi hàn pé gáàsì pé, ṣùgbọ́n 20 fi hàn dájú pé kò sí.

Ọwọ́ tó yá láti so wáyà súìṣì yìí pọ̀ kí ẹ́sì lè tàn ló ń ba kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ jẹ́. Gáàsì ló ń gbé epo kiri inú rẹ̀. Bí gáàsì kò bá sí, epo kò ní padà wá, irin á máa họ irin, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì dé gbogbo páìpù. Ní òdìkejì, bí fáànù kọ́ńdẹ́ńsà bá kú tí súìṣì kò lè gé iná mọ́, ìfúnpá á gòkè títí páìpù fi lè bẹ́. Ọkọ̀ tí súìṣì tirẹ̀ ní wáyà mẹ́ta kì í tilẹ̀ í ṣe súìṣì. Ìwọ̀n ló ń rán sí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú iná fóòtì 5. Síso wáyà yẹn pọ̀ lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Wọ́n wá ibi tó ń jò. Epo máa ń bá gáàsì jáde, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ibi tó bá dúdú tó ń yọ̀ ni kí ojú kọ́kọ́ lọ. Fáàfù kékeré tí géèjì ń wọ̀ ló ń jò lára ọkọ̀ yìí. Ọṣẹ ríru tí wọ́n fi sí i hó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kó gáàsì tó kù, wọ́n pààrọ̀ fáàfù náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó lé. Wọ́n wò ó bóyá géèjì dúró lójú kan, kí wọ́n tó wọn gáàsì tuntun lórí òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí iye tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tẹ ẹ́sì. Kílọ́ọ̀ṣì dì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń sún mọ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ bo ojú yín, torí gáàsì tó tú jáde lè mú ojú àti awọ ara dì bíi yìnyín.

Ká ní iná tẹ́sítà ti tàn nídìí kọ́ìlì ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, tí kílọ́ọ̀ṣì kò sì dì? Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì gan-an. Bó bá ń dì láàárọ̀, tó sì ń já nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, àlàfo ló ti fẹ̀. Kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, ṣùgbọ́n àwo máa ń jẹ, bàbà tó gbóná sì máa ń fa iná tó kéré sí i, ni òòfà kò bá ní lágbára tó mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, wọ́n lè yọ wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn àwo kí àlàfo padà sípò, tàbí kí wọ́n ra kílọ́ọ̀ṣì nìkan. Tẹ́sítà oníná dára ju mítà lọ fún iṣẹ́ yìí, torí wáyà tó ti jẹra lè fi fóòtì 12 han mítà láìlè gbé iṣẹ́ kankan.

Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ wọn kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá; tiwọn yàtọ̀, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wá a.

Fún àwa yòókù, kí ẹ tó sanwó fún kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ yín fi tẹ́sítà han yín nídìí kọ́ìlì, kó so iná bátìrì mọ́ ọn kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, kó sì ka géèjì lójú yín. Bí kò bá lè ṣe mẹ́ta yìí, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ bá ẹlòmíràn.