Ìtànká Láìdènà ti Gáàsì Pípé

Ìtànká láìdènà ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ṣí ọ̀nà fún gáàsì láti tú wọ inú òfìfo, ìyẹn àyè tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kódà afẹ́fẹ́. Gáàsì náà kò rí ohunkóhun tì, nítorí náà kò ṣe iṣẹ́. Bí a bá ti wé àpótí tí ó wà nínú rẹ̀ dáadáa, ooru kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ooru kò jáde. Bí ó bá sì jẹ́ gáàsì pípé, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kò yí padà. Síbẹ̀, ohun kan ti pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ohun náà ni ẹ́ńtírópì. Bí ẹ́ńtírópì ṣe lè pọ̀ níbi tí ooru kò ti kọjá rárá ni ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àpótí

Ẹ jẹ́ kí a wo àpótí irin líle kan tí a fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá wé yí ká. Irin pẹlẹbẹ kan pín in sí yàrá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba líítà 25. Móòlù kan gáàsì náítírójìn wà ní yàrá òsì, ní ìwọ̀n ìgbóná 300 K, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìgbóná ọ̀sán ní ilẹ̀ wa. Yàrá ọ̀tún ṣófo pátápátá. Nígbà tí a bá fa irin pẹlẹbẹ náà yọ lójijì, gáàsì á tú lọ sí ọ̀tún, láìpẹ́ yóò sì kún líítà 50 náà dọ́gbadọ́gba.

Òfin kìn-ín-ní nípa ooru àti iṣẹ́ sọ pé àyípadà nínú agbára inú gáàsì dọ́gba pẹ̀lú ooru tí ó gbà, tí a bá yọ iṣẹ́ tí ó ṣe kúrò:

ΔU = Q − W

Q jẹ́ òdo nítorí ohun tí a fi wé àpótí. W náà jẹ́ òdo, nítorí pé gáàsì kì í ṣe iṣẹ́ àyàfi tí ó bá ti ohun tí ó ń ti òun náà padà. Ẹni tí ó ba ara rẹ̀ lé ilẹ̀kùn tí ó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan; bákan náà ni gáàsì tí ó sáré wọ inú òfìfo kò ti ohunkóhun. Nítorí náà, ΔU jẹ́ òdo.

A ń pe gáàsì ní pípé bí àwọn mólékù rẹ̀ kò bá fa ara wọn mọ́ra, tí àyè tí mólékù fúnra rẹ̀ gbà kò sì tó nǹkan. Ìgbóná nìkan ni ó ń pinnu iye agbára inú irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe jìnnà sí ara wọn kò kàn án. Bí agbára inú kò bá yí padà, ìgbóná náà kò yí padà. Ó ṣì wà ní 300 K. Ìfúnpá nìkan ni ó dín kù sí ìlàjì, nítorí pé àyè ti di ìlọ́po méjì.

Ìdánwò Joule ní ọdún 1845

James Prescott Joule, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìdánwò yìí jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Joseph Louis Gay-Lussac ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ní ilẹ̀ Faransé. Joule mú ìkòkò bàbà méjì, ó fi ọ̀pá tí ó ní ẹnu ìdè so wọ́n pọ̀. Ó fún afẹ́fẹ́ sínú ọ̀kan títí ìfúnpá rẹ̀ fi tó nǹkan bí ìlọ́po 22 ti afẹ́fẹ́ ayé, ó sì fa afẹ́fẹ́ inú èkejì jáde. Ó ri àwọn méjèèjì sínú omi kan náà, ó ro omi náà pọ̀, ó ka ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí ẹnu ìdè náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tàn ká tán, tí ó tún ro omi náà pọ̀, kò rí àyípadà kankan nínú ìgbóná omi.

Lẹ́yìn èyí, ó fi ìkòkò kọ̀ọ̀kan sínú omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omi tí ó yí ìkòkò àkọ́kọ́ ká tutù díẹ̀, èyí tí ó yí èkejì ká sì gbóná díẹ̀, àdánù ti ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èrè ti èkejì. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí ó kù lẹ́yìn ni ó ń ti èyí tí ó ń jáde, ó sì ń ná agbára rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Èyí tí ó jáde wọ ìkòkò kejì pẹ̀lú eré. Nígbà tí eré náà rọlẹ̀, ó di ooru. Apá kan gáàsì náà ṣiṣẹ́ lórí apá kejì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan fún ohun tí ó wà lóde.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń ṣìnà

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lo òfin tí ó wà fún gáàsì tí ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìgba ooru, tí ó ń ti písítọ́ọ̀nù lọ. Bí náítírójìn wa bá fẹ̀ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti líítà 25 dé 50, ìgbóná rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 227 K. Ìdáhùn yìí tọ́ fún písítọ́ọ̀nù, nítorí gáàsì ti fi lára agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Nínú ìtànká láìdènà, kò sí písítọ́ọ̀nù, ìgbóná kò sì sọ̀ kalẹ̀. Pé ooru kò wọlé nínú ọ̀nà méjèèjì kò sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Àṣìṣe kejì ni kí a sọ pé níwọ̀n bí Q ti jẹ́ òdo, àyípadà ẹ́ńtírópì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Òtítọ́ ni pé a ń fi ìgbóná pín ooru kí a tó mọ àyípadà ẹ́ńtírópì, ṣùgbọ́n ooru tí òfin náà ń sọ ni ooru tí yóò kọjá bí a bá gba ọ̀nà tí ó ṣeé dá padà. Ìtànká láìdènà kì í ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò sí àkókò kan nígbà tí gáàsì ń tú lọ tí a lè sọ pé ìfúnpá kan ṣoṣo ni ó ní.

Ohun tí ó yọ wá nínú ìṣòro yìí ni pé ẹ́ńtírópì jẹ́ ti ipò tí gáàsì wà, kì í ṣe ti ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé orí òkè ti dé orí òkè, yálà ó rìn tààrà tàbí ó pẹ́kọrọ. Nítorí náà a lè wá ọ̀nà mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà, tí ó parí síbi kan náà, tí ó sì ṣeé dá padà. Ẹ jẹ́ kí gáàsì náà ti písítọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀ láti líítà 25 dé líítà 50, kí ara rẹ̀ sì kan omi púpọ̀ tí ó wà ní 300 K, kí ìgbóná rẹ̀ má baà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe ni yóò fi ooru inú omi san:

Q = W = nRT ln(V₂/V₁) = 1 × 8.314 × 300 × 0.693 ≈ 1729 J

Bí a bá fi 300 K pín in:

ΔS = nR ln(V₂/V₁) = 1729 ÷ 300 ≈ 5.76 J/K

Iye kan náà ni àyípadà ẹ́ńtírópì nínú ìtànká láìdènà, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wọn bára mu. Ìyàtọ̀ wà níta gáàsì. Níbi písítọ́ọ̀nù, omi pàdánù ẹ́ńtírópì 5.76 J/K tí gáàsì jèrè, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ òdo. Nínú òfìfo, ìta kò pàdánù ohunkóhun, gbogbo 5.76 J/K náà jẹ́ tuntun.

Ibi tí ẹ́ńtírópì tuntun náà ti wá

Ludwig Boltzmann ni ó jẹ́ kó yé ayé pé ẹ́ńtírópì ń wọn iye ọ̀nà tí àwọn mólékù lè gbà wà láìjẹ́ pé ìrísí gáàsì yí padà lójú ẹni tí ó ń wò ó. Nígbà tí àyè di ìlọ́po méjì, mólékù kọ̀ọ̀kan ní ibi méjì tí ó lè wà dípò ẹyọ kan: òsì tàbí ọ̀tún. Bí mólékù bá jẹ́ 10 péré, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pín ara wọn sí òsì àti ọ̀tún jẹ́ 1024, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì ni èyí tí gbogbo wọn fi wà ní òsì. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè rí i kí mẹ́wàá padà sí òsì. Ṣùgbọ́n móòlù kan ní mólékù tó bí 6.02 × 10²³. Kò sí òfin tí ó sọ pé kí wọ́n má padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n fi tàn ká pọ̀ ju ọ̀nà tí wọ́n fi kó jọ lọ débi pé ìpadà wọn kò ní ṣẹlẹ̀ títí láé.

Ohun tí ó sọnù

Agbára kankan kò sọnù nínú àpótí náà. Ohun tí ó sọnù ni àǹfààní láti lò ó. Bí a bá ti fi písítọ́ọ̀nù gba gáàsì náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ 1729 J náà ì bá gbé àpò sìmẹ́ńtì kan tí ó wúwo tó kílógíráàmù 50 sókè ní nǹkan bí mítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Nínú ìtànká láìdènà, kò gbé nǹkankan. Bí a bá sì fẹ́ dá a padà sí líítà 25 ní 300 K, ó kéré tán a ó ná 1729 J láti tì í padà, gbogbo rẹ̀ yóò sì di ooru tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jáde sí ìta. Ẹ́ńtírópì gáàsì yóò dín kù ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìta ni yóò gbà á. Gbèsè náà kàn pààrọ̀ ọwọ́ ni, a kò san án.

Ibi tí àlàyé yìí mọ

Kò sí gáàsì kan nínú ayé tí ó pé pátápátá. Mólékù náítírójìn ń fa ara wọn mọ́ra díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jìnnà síra, ìfàmọ́ra náà ń jẹ lára eré wọn. Nínú àpótí tí a ṣírò rẹ̀ lókè, gáàsì gidi yóò tutù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti dígírì kan. Ìkòkò bàbà àti omi Joule gba ooru púpọ̀ ju afẹ́fẹ́ inú wọn lọ, èyí ni ó fi jẹ́ pé òtútù kékeré bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí. Nígbà tí ó yá, òun àti William Thomson lo ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń ti gáàsì kọjá nínú ìdí kan tí ó ní ihò tín-ín-rín, òtútù náà sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìtànká láìdènà, nítorí gáàsì níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́, a sì ń ṣe iṣẹ́ lé e lórí.

Bákan náà ni sílíńdà gáàsì ìdáná tí ó tutù nígbà tí a bá ń lò ó kì í ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Omi gáàsì tí ó wà nínú sílíńdà ni ó ń gba ooru bí ó ti ń di gáàsì, inú afẹ́fẹ́ ayé ni ó sì ń jáde sí, kì í ṣe inú òfìfo. Ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ ìtànká láìdènà: ara àpótí tí kò yí padà, ooru tí kò kọjá, àti òfìfo níwájú gáàsì.