Awọ Tó Dí Ẹnu Jáàkì

Kí Blaise Pascal, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, tó kú ní 1662 ló ti mọ ohun tó ń mú jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ohun olómi, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1663, ó ṣàpèjúwe ohun èlò kan tó kún fún omi, tó ní ẹnu méjì, tí ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ nígbà ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi písítìnì dí ẹnu méjèèjì, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń ti èyí tó kéré, ó ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ni yóò tó dá èyí tó tóbi dúró. Omi tí kò rí ibi gbà jáde kò ṣe é fún kéré. Títẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ níbì kan yóò dé gbogbo ibi tó fara kàn, tí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan yóò sì gba iye kan náà. Ibi tó bá fẹ̀ jù ni àpapọ̀ agbára yóò ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, 1795 ni Joseph Bramah tó gba ìwé àṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ ìtẹ-nǹkan tó ń lo omi. Èrò mi ni pé ohun tó fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀ òfin Pascal. Bí a ṣe máa há omi mọ́ lẹ́yìn ohun tó ń rìn ni ìṣòro.

Bí ohun tí a fi dí ẹ̀gbẹ́ písítìnì bá fún jù, písítìnì kò ní í lè padà. Bí ó bá sì dẹ̀, omi á máa tú jáde, agbára náà á sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Henry Maudslay, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bramah, ló rí ojútùú rẹ̀: awọ tí a tẹ̀ bí ife, tí ètè rẹ̀ kọjú sí omi. Bí omi bá ti ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ètè awọ náà mọ́ ara písítìnì; bí omi bá rọ̀, awọ á tú u sílẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Mi ò rí ọgbọ́n mìíràn nínú ìtàn yìí tó wú mi lórí tó o.

Ẹlòmíràn lè ní irọ́ ni pé agbára ẹnì kan lè di ti ọgọ́rùn-ún èèyàn, pé agbára kì í ti inú òfìfo wá. Òótọ́ ló sọ, jáàkì náà kò sì tako ó. Ẹ jẹ́ ká wo jáàkì tí písítìnì kékeré rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, tí ńlá sì fẹ̀ ní 4 láti etí dé etí. Ojú ńlá jẹ́ ìlọ́po 16 ti kékeré. Bí ọ̀pá ìfàmì rẹ̀ bá sọ agbára ọwọ́ di ìlọ́po 10, agbára kílò 15 á di 150 lórí písítìnì kékeré, á sì di 2,400 lábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá rin sẹ̀ǹtímítà 20, písítìnì kékeré á rin 2, ọkọ̀ kò sì ní í gòkè ju mìlímítà 1.25 lọ. Kí ó tó gòkè sẹ̀ǹtímítà 10, ọwọ́ á ti fa ọ̀pá náà nígbà 80, á sì ti rin mítà 16. Ìrìn yẹn la fi san owó agbára náà.

Ti búréèkì tún fi hàn pé ìdènà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Malcolm Loughead ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ búréèkì olómi ní 1917, ṣùgbọ́n awọ tó ń lò máa ń jò. Kí ọkọ̀ Chrysler tó jáde ní 1924, àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà ti fi rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ búréèkì oníwáyà nígbà náà ní ẹ̀rí tiwọn: páìpù kan ṣoṣo tó bá bẹ́ á da gbogbo omi nù. Ẹ̀rù yẹn tọ́, ìdí sì nìyẹn tí máàsítà sílíńdà òde òní fi ní yàrá méjì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá jò. Àmọ́ wáyà kan lè le ju èkejì lọ, kí ọkọ̀ sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú omi, títẹ̀ kan náà ló ń dé táyà ọ̀tún àti tòsì.

Nítorí náà, ibi tí ìhámọ́ ti bàjẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wá. Bí pẹ́dà bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, tó wá le nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Afẹ́fẹ́ ṣe é fún, òun ló ń jẹ ìrìn ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dúró lórí pẹ́dà, tí pẹ́dà rọra ń lọ sílẹ̀, tí kò sì sí ibi tó jò lóde, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì máa gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà inú máàsítà sílíńdà kọjá. Ọ́ìlì búréèkì tó wọ́pọ̀ tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá gbóná púpọ̀, omi yẹn á hó di ooru, pẹ́dà á sì wọlẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i ń ba rọ́bà jẹ́, torí rọ́bà náà á wú, á sì rọ̀. Jáàkì tó bá sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń jò nínú. Kódà èyí tí kò tíì jò, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó gbé láì kọ́kọ́ fi irin ìdúró gbé e ró.