Àlàfo Abẹ́ Apá Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Kọ̀ǹpútà

Òǹkàwé wa kan láti Ògbòòrò fi ìbínú kọ̀wé sí wa, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Wọ́n fẹ́ ṣe ìsìnkú ìyá wọn. Wọ́n gbé fọ́tò màmá lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe bánà, pé kí ó yọ wọ́n kúrò nínú oko tí wọ́n dúró sí, kí ó gbé wọn sí orí ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù. Nínú fọ́tò náà, màmá fi ọwọ́ òsì lé ìbàdí. Nígbà tí bánà dé, búlúù yí wọn ká lóòótọ́, àmọ́ láàárín apá òsì àti ìhà wọn, ewé iṣu ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà ni kò rí ibẹ̀.

Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ò rí màmá, kò rí apá, kò sì rí ewé iṣu. Àwọ̀ nìkan ló wà níwájú rẹ̀, àti ìlà tí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ bá fà. Ohun tí a bá sọ fún un ló ń ṣe. Ẹni tó gba owó yẹn ò sọ fún un pé ihò wà níbẹ̀, ó sì tún ní ẹ̀rọ ló jẹ̀bi.

Mi ò ní jókòó ti bí a ṣe ń ṣí fọ́tò tàbí bí a ṣe ń fi Pen Tool tọ etí ènìyàn yí ká. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ náà díẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àlàfo tó lẹ́nu àti èyí tí kò lẹ́nu, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà yìí ti ń wá.

Bí ènìyàn bá dúró tí apá rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì kan itan, àlàfo wà láàárín apá àti ara, ṣùgbọ́n ó lẹ́nu nísàlẹ̀. Ìlà tí à ń fà bọ̀ láti ọwọ́ yóò gba ẹnu yẹn wọlé, yóò gòkè dé abíyá, yóò sì bá ìhà sọ̀kalẹ̀ padà. Kì í ṣòro. Àmọ́ bí ọwọ́ bá kan ìbàdí, ẹnu ti dé. Ìlà tó ń bá ẹ̀yìn ìgbúnwọ́ lọ yóò kọjá láìwọlé rárá. Ewé tó wà nínú àlàfo yẹn ti di ara màmá lójú ẹ̀rọ, nítorí inú ìlà ló wà.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń lo Magic Wand. Wọ́n á tẹ ewé tó wà lẹ́yìn màmá, gbogbo ewé ìta á sì mú, àfi ti abẹ́ apá. Ẹ wo òkè ojú ẹ̀rọ, ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ Contiguous sí. Bí àmì bá ti wà nínú rẹ̀, àwọ̀ tó bá so mọ́ ibi tí ẹ tẹ̀ láìsí ìdíwọ́ nìkan ni yóò mú. Apá màmá ti pààlà sáàárín ewé ìta àti ewé inú, nítorí náà kò lè kọjá. Àwọn kan á wá yọ àmì yẹn kúrò, wọ́n á rò pé àwọn ti gbọ́n. Nígbà náà, gbogbo ibi tí irú àwọ̀ yẹn bá wà nínú fọ́tò ni yóò mú, títí kan ewé tí wọ́n tẹ̀ sára ìró màmá, ìró á sì lu jára. Ẹ fi àmì náà sílẹ̀. Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ inú àlàfo kọ̀ọ̀kan.

Ìlà ló dára jù fún iṣẹ́ tí a óò tẹ̀ sórí bánà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ inú yàtọ̀ sí ìta. Ẹ rántí agboolé àtijọ́, tí yàrá yí àgbàlá ká tí òjò sì ń rọ̀ sí àárín. Bí ẹ bá dúró nínú yàrá tí ẹ forí lé ìta tààrà, ògiri kan péré lẹ ó kọjá. Bí ẹ bá dúró ní àgbàlá, ẹ ó kọjá ògiri inú, ẹ ó tún kọjá ògiri òde, ó di méjì. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kà nìyẹn. Láti ojú ibi kọ̀ọ̀kan, yóò ka iye ìlà tó wà kí ó tó bọ́ síta. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí mẹ́ta, inú ni, yóò fi àwòrán hàn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, ìta ni, yóò fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí a bá fa ìlà kan ṣoṣo yí màmá ká, ìlà kan lẹ̀rọ yóò kà láti abẹ́ apá wọn, yóò sì pe ibẹ̀ ní inú. Bí a bá fa ìlà kejì yí etí àlàfo náà ká tí a sì pa á dé, ó di méjì, ihò á sì lu.

Nínú Photoshop, ìlànà tó ń kà báyìí ni wọ́n kọ Exclude Overlapping Shapes sí. Bí ẹ bá ti fa ìlà kejì tí àlàfo ò sì lu, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Combine Shapes ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ń da inú méjèèjì pọ̀ ni, ihò kankan ò lè wà. Ẹ fi Path Selection Tool mú ìlà kékeré náà, kí ẹ yí i padà.

CorelDRAW ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ bánà wa ń lò, àṣìṣe ibẹ̀ sì ń bí mi nínú nítorí kò gba ìṣẹ́jú kan láti ṣe é dáadáa. Wọ́n á fa ìlà ńlá, wọ́n á fa ìlà kékeré, wọ́n á wá tẹ Ctrl+G. Ìyẹn ń so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ rìn ni, kò lu ihò kankan. Àwọn mìíràn á tẹ Weld, èyí tó ń gbé ìlà kékeré mì pátápátá. Combine ni iṣẹ́ náà, Ctrl+L. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó fi PowerClip gbé fọ́tò sínú rẹ̀.

Àwáwí kejì tí mo máa ń gbọ́ ni pé àlàfo náà kéré, ta ni yóò rí i. Mo wọn fọ́tò tí òǹkàwé wa fi ránṣẹ́. Láti orí gèlè dé ẹsẹ̀, màmá gba piksẹ́lì 3,500. Àlàfo abẹ́ apá wọn ga tó piksẹ́lì 160, ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì tó 90. Lójú fóònù, kò tó orí ìṣáná. Ṣùgbọ́n màmá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 lórí bánà, ìyẹn íǹṣì 60. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé piksẹ́lì bí 58 ló bọ́ sínú íǹṣì kan. Àlàfo tí wọ́n ní kò ṣeé rí ti ga ju íǹṣì méjì ààbọ̀ lọ, ó sì fẹ̀ tó íǹṣì kan ààbọ̀. Ẹni tó dúró lódìkejì títì yóò rí i.

Bí ihò bá tiẹ̀ lu, ẹ wo etí rẹ̀. Piksẹ́lì tó wà lójú ààlà kì í ṣe ti apá nìkan, kì í sì í ṣe ti ewé nìkan. Àwọ̀ méjèèjì ló pò mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba oníṣẹ́ láti gé apá, nítorí náà yóò fa ìlà àlàfo sínú ewé díẹ̀, ihò á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, okùn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ á sì kù létí apá. Piksẹ́lì 4 irú rẹ̀ lórí bánà yìí sún mọ́ mìlímítà 2. Òdìkejì ló yẹ kí ó ṣe. Kí ìlà àlàfo wọnú apá ní piksẹ́lì kan tàbí méjì, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé apá tín-ín-rín sí i. Kí ó má sì fi Feather ńlá rọ etí rẹ̀. Igun àlàfo tó wà lókè ní abíyá máa ń tínrín gan-an. Bí ẹ bá fi piksẹ́lì 5 rọ̀ ọ́ lọ́tùn-ún lósì, ewé yóò kù níbẹ̀ bí èéfín. Ọ̀kan ti tó.

Mo fẹ́ sọ ti agbádá, nítorí àwọn kan ti ń bàjẹ́ níbi tí wọ́n rò pé àwọn ń tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo òkùnkùn abẹ́ apá ni àlàfo. Apá agbádá gbòòrò, ohun tí ẹ ń rí lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ aṣọ ẹ̀yìn tó bọ́ sínú òjìji. Bí ẹ bá lu ihò síbẹ̀, ẹ ti ya aṣọ olówó nìyẹn. Ẹ fi àwọ̀ inú rẹ̀ wé ti ìta tó wà nítòsí. Bí kò bá bá a mu, ẹ sún fọ́tò súnmọ́ kí ẹ wá fọ́nrán aṣọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ máa sọ bí a ṣe ń tọ́jú àlàfo àárín ìka tó wà ní ìbàdí, àmọ́ jìbìtì kan wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin tó ń sanwó mọ̀ kíákíá. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ padà, àwọn kan ò ní fa ìlà kankan. Wọ́n á mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi búlúù kun orí ewé, tàbí kí wọ́n da àwọ̀ bùbá bo àlàfo náà, kí apá lẹ̀ mọ́ ara. Èyí àkọ́kọ́ kò ní bá ojú ọ̀run mu nígbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣí láti búlúù sí funfun. Èkejì ń sọ òkú yín di ẹlòmíràn. Ẹ má gbà á.

Kí ẹ tó sanwó tó kù, ẹ ní kí ó gbé àwọ̀ pupa kan ṣoṣo sí abẹ́ fọ́tò tí ó gé, níṣojú yín, kí ó sì sún un dé 200%. Pupa gbọ́dọ̀ yọ lábẹ́ apá, láàárín okùn báàgì àti ejìká, níbi gbogbo tí ẹ̀yìn ti hàn nínú fọ́tò tí ẹ mú wá. Ibi tí pupa ò bá yọ, kò gé ibẹ̀. Ibi tí okùn ewé bá ti hàn lórí pupa, kò gé e tán. Ẹ gba PNG lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí JPEG kì í gba ihò, funfun ni yóò fi dí i. Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n tẹ bánà títí ẹ ó fi fojú ara yín rí pupa náà.